Ìlànà omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí nọ́ńbà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iye ṣíbí

Olùyọ̀ǹda_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo máa ń bá kílíníìkì kan ládùúgbò wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn ìyá ọlọ́mọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ránṣẹ́, mo tò ó ní ìlà mẹ́rin dáadáa, àmọ́ bó ṣe dé orí fóònù àwọn èèyàn rèé:

```
1. Omi líìtà 12. Ṣúgà ṣíbí 63. Iyọ̀ ṣíbí 1/24. Pò ó pọ̀
```

Ìyá kan pè mí pé ṣé omi líìtà méjìlá ni. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí irú ẹ̀ ò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́?

Atẹ̀wé_Ìbàdàn
Mo ti rí irú ẹ̀ rí, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá tó pè yẹn. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé òpin ìlà tẹ́ ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà yín, àmì kan ni tí ojú kì í rí, ibi tẹ́ ẹ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sì ti gbé àmì yẹn jù nù láì fi àlàfo dípò ẹ̀. Bí àmì yẹn ṣe lọ báyìí, 2 tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì ló bá lọ dúró ti 1 tó jẹ́ iye líìtà, wọ́n wá di 12, bẹ́ẹ̀ náà ni 6 ti ṣúgà bá 3 pàdé tó di 63. Ti iyọ̀ ló bà mí lẹ́rù jù torí 1/24 yẹn, ẹni tí ò bá rí ìlà tó wà láàárín lè kà á sí ohun mìíràn pátápátá.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò ní gbára lé ìlà rárá. Màá kọ ọ́ bíi pé mò ń sọ ọ́ fún èèyàn lórí fóònù, gbólóhùn kan fún iṣẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó sọ ipò ẹ̀ á wà níwájú, iye á sì wà ní ọ̀rọ̀ ẹnu, kò ní jẹ́ nọ́ńbà. Báyìí:

"Lákọ̀ọ́kọ́, se omi mímọ́ líìtà kan kó hó, kó o jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn náà, da ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà sí i. Lẹ́yìn náà, da iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i. Níkẹyìn, rò ó pọ̀ títí gbogbo ẹ̀ á fi yòrò."

Ẹ pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú ìlà kan, ẹ yọ àlàfo ẹ̀ kúrò, kò sí ibi tí mẹ́fà ti máa di mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Sọ́jí_Kọ̀ǹpútà
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti gùn jù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́, ìyẹn ló fà á. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ fi nọ́ńbà sí i, bí Wọ́ọ̀dù ṣe ń ṣe tàbí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sójú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ò lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan.

Atẹ̀wé_Ìbàdàn
@Sọ́jí_Kọ̀ǹpútà òótọ́ ni pé kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ìdí ẹ̀ sì ni pé kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ náà. Wo ohun tó wà nínú ewé náà gan-an:

```
<ol>
<li>Se omi líìtà 1</li>
<li>Da ṣúgà ṣíbí 6 sí i</li>
</ol>
```

Ṣó o rí nọ́ńbà ìgbésẹ̀ kankan níbẹ̀? Ẹni tó ń fi ewé yẹn hàn ló ń ya nọ́ńbà sí i lójú ẹsẹ̀. Tí nǹkan kan bá bọ́ àwọn àmì yẹn kúrò, ohun tó kù ni:

```
Se omi líìtà 1Da ṣúgà ṣíbí 6 sí i
```

Èyí tá a tẹ lọ́wọ́, nọ́ńbà ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí kọ̀ǹpútà ṣe, nọ́ńbà ẹ̀ á pòórá, ẹni tó bá gbà á ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ìgbésẹ̀ mélòó ló wà tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo wọ inú ọ̀rọ̀ yín, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ti yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀, ó pé ọdún kan àbọ̀, ó ṣì ń mu omi ó ṣì ń ṣeré díẹ̀díẹ̀. Ṣé èyí tí wọ́n kọ sókè yìí ni kí n pò fún un? Ẹlòmíì ní kí n má fún un lómi rárá kí ìgbẹ́ náà lè gbẹ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ìyá Ìbejì, ẹ má fi omi dù ú rárá. Omi tó ń bá ìgbẹ́ lọ yẹn ló ń dá ọmọ dùbúlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Tí kẹ́míìsì bá wà nítòsí, ẹ ra àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi, òun ló dáa jù, kí ẹ sì wo iye omi tí wọ́n kọ sára àpò yẹn gan-an torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ti líìtà kan. Tẹ́ ẹ bá ra ti àpò, ẹ bèèrè síǹkì mọ́ ọn. Tí ò bá sí ni kẹ́ ẹ lo ti iyọ̀ àti ṣúgà, ìwọ̀n tó wà lókè yẹn tọ̀nà, omi líìtà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì.

Ní gbogbo ìgbà tó bá yàgbẹ́, ẹ fún un tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin sí ìdajì kọ́ọ̀bù ńlá, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ máa fún un lọ́mú àti oúnjẹ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ojú ẹ̀ wọnú, tàbí ó ń sùn ṣáá tí ò fẹ́ jí, tàbí kò lè mumi mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró po nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí níbẹ̀. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè mú kí gìrì mú ọmọ. Tí ṣúgà bá pọ̀ jù, ńṣe ló máa fa omi látinú ara lọ sínú ìfun, ìgbẹ́ yẹn á tún le sí i, ìyá ẹ̀ á sì rò pé òun ò tíì fún un tó. Nítorí náà 63 yẹn kì í ṣe àṣìtẹ̀ lásán lójú tèmi.

Télọ̀_Ṣàgámù
Ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí rí nídìí iṣẹ́ mi. Mo fi bí wọ́n ṣe máa gé búbà ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ mi lórí Wáásáàpù, mo kọ́pì ẹ̀ látinú ibòmíì, nígbà tó débẹ̀ ìlà gbogbo ti dàpọ̀, ó gé ọrùn kó tó ká aṣọ po. Aṣọ oníbàárà ni. Láti ìgbà yẹn mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, màá ya fọ́tò ẹ̀, màá fi fọ́tò ránṣẹ́. Fọ́tò ò lè dàpọ̀ láéláé. Ṣé ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Etí_Lójú
Èmi ò ríran o, fóònù mi ló ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí sí mi létí. Tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́, ohun tó sábà máa ń sọ fún mi ò ju pé fọ́tò ni, ó tán. Mo sì lọ́mọ nílé bíi tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ìkejì ẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa rò pé mo kórìíra lísìtì. Tí lísìtì bá dé gbáko, mo fẹ́ràn ẹ̀, torí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ kí fóònù sọ fún mi pé nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pé mo wà lórí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà tó bá ti dàpọ̀ ló máa ń di wàhálà, mi ò sì ní ojú tí màá fi yẹ̀ ẹ́ wò pé bóyá ìlà ló fò. Gbólóhùn tí Atẹ̀wé kọ yẹn, bó ṣe wù kó dàpọ̀ tó, mo gbọ́ ọ yé.

Olùyọ̀ǹda_Ògbómọ̀ṣọ́
Fọ́tò ò tiẹ̀ lè ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa torí tọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn ń lò, àwọn fóònù kékeré yẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń wọlé.

Bàbá_Arúgbó_Ẹgbá
Kí lẹ ń pè ní líìtà kan? Nígbà tá a bímọ tiwa, ìgò bíà ni wọ́n fi kọ́ wa. Ìgò bíà kan ti tó, kí wọ́n da ṣúgà àti iyọ̀ sí i, gbogbo ilé ló ní ìgò bíà. Ẹ kọ ìgò bíà síbẹ̀, ó yé èèyàn ju líìtà lọ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ẹ ṣé bàbá. Lóòótọ́ ni wọ́n fi ìgò bíà kọ́ àwọn èèyàn láyé ìgbà kan, àmọ́ ìgò bíà ńlá kì í ṣe líìtà kan, kò ju 60cl lọ, iye ṣíbí tí wọ́n sì ń kọ́ yín nígbà yẹn yàtọ̀ sí èyí. Ohun tó léwu ni kéèyàn mú omi látinú ọ̀nà kan kó mú iyọ̀ látinú ìkejì. Tá a bá da iyọ̀ ti líìtà kan sínú ìgò bíà kan ṣoṣo, á le jù fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ sọ pé nǹkan tó wà nílé ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, mo gbà. Ike omi 50cl wà káàkiri, tí wọ́n bá bù ú lẹ́ẹ̀mejì líìtà kan nìyẹn.

Mo tún fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí Atẹ̀wé kọ. "Lẹ́yìn náà" ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ á máa ké, ìyá ẹ̀ á gbójú kúrò lórí fóònù, tó bá padà wá, "lẹ́yìn náà" wo ló wà? Ó lè fo iyọ̀, ó sì lè da ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fi ohun tó wà nínú abọ́ bẹ̀rẹ̀. "Tí omi bá ti tutù, da ṣúgà sí i. Tí ṣúgà bá ti yòrò, da iyọ̀ sí i." Ẹni tó bá wo abọ́ ẹ̀ á mọ ibi tóun dé.

Atẹ̀wé_Ìbàdàn
Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé, mo gbà. "Lẹ́yìn náà" sọ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, kò sọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Màá fi ti yín kọ́ṣẹ́.

Ohun kan tún kù tó jọ mọ́ ọn. Kílíníìkì míì tí mo bá ṣiṣẹ́ kọ "Má ṣe:" lókè, wọ́n wá to ohun mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀, "fi wàrà kún un", "fi oje èso kún un", "gbé e di ọjọ́ kejì". Nígbà tí ìlà fò tí àtẹ̀jíṣẹ́ sì ya sí méjì, "Má ṣe" wà nínú ti àkọ́kọ́, ti ìkejì wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "fi oje èso kún un". Èèwọ̀ ti di àṣẹ. Láti ọjọ́ yẹn, gbólóhùn èèwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé èèwọ̀ tiẹ̀ dání lọ́dọ̀ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí èyí torí Yorùbá là ń kọ, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì. "Má fi wàrà sí i" yàtọ̀ sí "máa fi wàrà sí i" lẹ́nu, àmọ́ ẹ wo bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ ẹ́ láì fi àmì sí i:

```
ma fi wara si i
```

Èwo nìyẹn nínú méjèèjì? Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ̀. Mo ti rí i tí àbúrò mi ka irú ẹ̀ sódì lójú mi. Tẹ́ ẹ bá lo "kò gbọdọ̀", kódà tí gbogbo àmì bá bọ́, "wara ko gbodo wo inu e" ò lè di àṣẹ láé. Ẹ sá fún "má" nínú nǹkan tó bá kan ẹ̀mí.

Sọ́jí_Kọ̀ǹpútà
Èyí dáa gan-an. Mo gbà pé mi ò ro ti àmì tẹ́lẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Mo ti padà dé. Kẹ́míìsì ti tì, mo bá po ti iyọ̀ àti ṣúgà. Ọmọ mi ti mu díẹ̀, kò bì í. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè o, nígbà tẹ́ ẹ ní ṣíbí tíì mẹ́fà, mo bu ṣúgà ní àbùkúnwọ́sílẹ̀, ìyẹn bí mo ṣe máa ń bù ú sí tíì. Ti iyọ̀ náà bẹ́ẹ̀, ìdajì ṣíbí àmọ́ ó ga díẹ̀. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan, iyọ̀ ẹ̀ le, mo bá dáwọ́ dúró ní kí n wá bi yín.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ó ṣeun tẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ dà á nù, ẹ pò òmíràn. Ṣíbí tó tẹ́jú ni, ẹ bù ú tán kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí ẹ̀, ohun tó bá kù nínú kòtò ṣíbí nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò, iyọ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ le ju ti omijé lọ. Tó bá le ju omijé lọ, dídà nù ló kàn, kí wọ́n tún un pò látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bi àwa tá a kọ ọ́ ni, a kọ iye, a ò kọ bí wọ́n ṣe ń bù ú.

Olùyọ̀ǹda_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti tún un kọ, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

"Omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Lákọ̀ọ́kọ́, fọ ọwọ́ rẹ, kó o wá bu omi sínú ike 50cl kó kún, lẹ́ẹ̀mejì, kó o sè é kó hó. Tí omi yẹn bá ti tutù, da ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà sí i, kí orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan tẹ́jú. Tí ṣúgà bá ti yòrò tán, da iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i, kí òun náà tẹ́jú, kó o rò ó pọ̀. Tí iyọ̀ bá ti yòrò, tọ́ ọ wò kó o tó fún ọmọ. Tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, dà á nù kó o pò òmíràn. Wàrà ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ."

Atẹ̀wé_Ìbàdàn
Ó dáa. Ohun tó kù ni owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹyọ kan gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà lásán, àmọ́ tí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú ẹ̀, àyè yẹn já sí 70. Èyí tẹ́ ẹ kọ yìí á di ẹyọ púpọ̀, wọ́n á sì gba owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Èmi á ṣì fi àmì sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin
Èmi ò ní fi sí i. Tí owó bá tán lóṣù yìí, àwọn ìyá kan ò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹ yọ àmì kúrò, ẹ ti lo "kò gbọdọ̀", kò sí ibi tó ti máa ṣini lọ́nà.

Atẹ̀wé_Ìbàdàn
Ibi tá a mọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ò mọ̀wé púpọ̀ á pẹ́ lórí ẹ̀ tí àmì ò bá sí, ìyẹn náà ṣe pàtàkì.

Olùyọ̀ǹda_Ògbómọ̀ṣọ́
Mo fi alámì ránṣẹ́ sórí fóònù mẹ́ta láàárọ̀ yìí láti dán an wò. Lórí méjì ó wọlé pọ̀, kò sí ìlà kankan níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì yé wọn. Lórí tọ́ọ̀ṣì ìyá mi, ó ya sí wẹ́wẹ́, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni "Tí ṣúgà bá ti yòrò tán". Ìyá mi ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ṣáájú ẹ̀, torí òun ò tíì fi ṣúgà sí nǹkan kan, òun bá dúró títí ìyókù fi dé. Ní ti owó, mi ò tíì mọ ohun tí kílíníìkì máa sọ, màá bi wọ́n lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá_Ìbejì
Ọmọ mi ti sùn. Ẹ̀ẹ̀kan ló yàgbẹ́ láti alẹ́ àná, ó sì ti tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pò ó pẹ̀lú ṣíbí tó tẹ́jú.